Àròkọ lítíréṣọ̀: ta ló ka èdè, ta ló kàn sọ ìtàn?

Tíṣà Ẹ̀pẹ́
Àyọkà tí mo kọ fún ìdánwò ni mo máa fi ṣàlàyé. Àdùkẹ́ ti ọjà dé, ó ké pe ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn: "Ilé dákẹ́. Àga dákẹ́. Aago pàápàá dákẹ́." Ìbéèrè ni pé kí wọ́n ṣàlàyé ìlò èdè níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ pé: "Àdùkẹ́ wọlé, kò gbóhùn ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù bà á torí ìyá rẹ̀ ti kú." Kò purọ́, àmọ́ ẹni tí wọ́n kàn ròyìn ìtàn náà fún lè kọ ọ́ láìfojú kan àyọkà. Òmíràn kọ pé: "Aago ló yẹ kó ṣì máa dún nínú ilé tí kò sẹ́ni. 'Pàápàá' fi hàn pé ohun tó kù náà ti dúró. Òǹkọ̀wé kò sọ pé ìyá kú, ṣùgbọ́n 'ó ti dákẹ́' la máa ń sọ bí àgbà bá lọ." Nínú máàkì 10 tí mo yà sọ́tọ̀ fún èdè, ẹni àkọ́kọ́ gba 2, èkejì gba 8.

Ìyá Bọ̀sẹ̀, Ìkòròdú
Tèmi ò le tó yẹn o. Ọnà èdè tó bá dárúkọ ni mo ń kà. Àwítúnwí, máàkì 2. Ìfohunpènìyàn, máàkì 2.

Tíṣà Ẹ̀pẹ́
Ẹ ṣeun mà. Orúkọ yẹn dáa, àmọ́ ọmọ lè há a sórí. "Òǹkọ̀wé lo àwítúnwí kí ìtàn lè dùn" bá ìwé gbogbo mu, torí náà kò tíì sọ nǹkan kan nípa èyí. Mo ń fún orúkọ ní 1, mo ń fún iṣẹ́ tó ṣe nínú gbólóhùn yẹn gan-an ní 3.

Bí mo bá ń máàkì, mo ń fa ìlà pupa sábẹ́ gbólóhùn ìṣẹ̀lẹ̀, búlúù sábẹ́ èyí tó mú ọ̀rọ̀ kan dání. Pupa kan tàbí méjì kò burú, òun ló ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wáyé. Èyí tó ń tan tíṣà jẹ ni kí ọmọ fa ọ̀rọ̀ yọ, kó wá kọ pé "èyí túmọ̀ sí pé ilé pa rọ́rọ́." Ìtàn náà ló tún sọ. Pupa ni.

Bọ̀dá Káyọ̀
Ṣé kí wọ́n gé ìtàn náà kúrú sí ìdajì nìyẹn?

Tíṣà Ẹ̀pẹ́
Rárá sà, àkékúrú nìyẹn. Ìtàn tó kúrú, ìtàn náà ni.

Àǹtí Àgbádárìgì
Àwọn ọmọ tó ń sọ Ègùn nílé pọ̀ ní kíláàsì wa. Wọ́n ń rí "pàápàá", wọ́n ń rí àwítúnwí, àmọ́ "dákẹ́" ti ikú kò hàn sí wọn. Ṣé a ó gé máàkì?

Tíṣà Ẹ̀pẹ́
Èmi kì í gé e. Bó bá ṣàlàyé aago dáadáa, ó lè gba 7.

Ìyá Bọ̀sẹ̀, Ìkòròdú
Hẹn-ẹn! Ìdánwò Yorùbá ṣáà ni. Èmi á gé e.