Kàtúùnù ósímósísì: gbogbo ọmọ yege kúìsì, síbẹ̀ wọn ò mọ ibi tí omi ń lọ

Àǹtí Ọbà-Ilé: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo ń ṣètò kàtúùnù sáyẹ́ǹsì fún àwọn ọmọ ọdún kìíní sẹ́kọ́ńdírì àgbà níbí ní Àkúrẹ́. Èmi ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọmọkùnrin kan ní Ìjàpọ̀ ló ń yàwòrán. Ẹni tó ni ilé-ìwé tó gbé iṣẹ́ náà fún mi ti san ìdajì owó, ó wá ní òun ò ní san ìyókù àfi tí òun bá rí i pé ó wúlò. Ayàwòrán ń pè mí láàárọ̀ lálẹ́ nítorí owó epo jẹnẹrétọ̀. Ọmọbìnrin tó fi ohùn sí i fún wa tún ti kó lọ sí Ìbàdàn.

Apá kìíní, tó dá lórí ósímósísì, ìyẹn bí omi ṣe ń gba awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá, ti parí. Ìran méjìlá ni. Ọmọbìnrin kan kúrò nílé, ó gba Arákàlé dé Ọjà Ọba, ó ra iṣu, ó ná an, ó gbé e dé ilé-ìwé, olùkọ́ rẹ̀ wá fi iṣu náà ṣàlàyé. Kúìsì wà ní òpin ìran kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ wò ó, gbogbo wọn ló yege. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, olùkọ́ bàọ́lọ́jì wọn bi wọ́n léèrè nínú kíláàsì, wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ṣé kí n fi orin kún un ni? Àbí kí n sọ ọmọbìnrin yẹn di ọkùnrin? Ó ti sú mi pátápátá.

Ìyá Ìbejì Oǹdó: Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí. Tèmi náà rí bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi gba lẹ́sìnnì bàọ́lọ́jì ní Oǹdó títí, ó ń ka ìwé sókè bí ẹni ń ka oríkì, Wáẹ́kì dé, ó gba F. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, fóònù ni wọ́n mọ̀. Ẹ fi orin sí i.

Alágbára Alágbàká: Ẹ ò ṣe ìwé àdéhùn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Ẹni tó bá gba ìdajì owó láìsí ìwé, irú èyí ni yóò máa bá a.

Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì: Àǹtí, ẹ kú ìnira. Ohun tí mo nílò kò sí nínú ọ̀rọ̀ yín. Kí ni èròǹgbà ẹ̀kọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́ gan-an? Kí sì ni ìbéèrè inú kúìsì? Ẹ kọ ọ́ síbí bó ṣe wà.

Àǹtí Ọbà-Ilé: Èròǹgbà rẹ̀ rèé: akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè sọ ìtumọ̀ ósímósísì, yóò sì lè ṣàpèjúwe àyẹ̀wò tí a fi iṣu ṣe. Ìbéèrè: «Kí ni ósímósísì?» «Kí ni olùkọ́ gbé iṣu sí?» «Irú omi wo ló wà nínú ihò iṣu?» Ti ọjà náà ní tirẹ̀, iye tí ọmọbìnrin náà ra iṣu. Ẹ má sọ fún mi pé ìran ti pọ̀ jù o, ìtàn ló ń mú ọmọdé jókòó. Ní ti ìwé àdéhùn, èmi àti ẹni náà jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ni.

Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì: Ó dáa, ibi tó ti wọ́ hàn báyìí. Ohùn inú fídíò sọ ìtumọ̀ tán, kò pẹ́ rárá ni ẹ bi wọ́n ní ìtumọ̀ kan náà. Ohun tó ṣì ń dún létí wọn ni wọ́n dá padà fún yín. Kò sí ọmọ tí kò ní yege irú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe inú èròǹgbà ló ń sọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ nínú ìran. «Sọ ìtumọ̀» kò nílò àwòrán kankan, ìwé lásán tó o. Ẹ kọ ọ́ báyìí: bí a bá fi omi ṣúgà àti omi lásán han akẹ́kọ̀ọ́, tí ara iṣu tútù wà láàárín wọn, yóò lè sọ ìhà tí omi yóò pọ̀ sí, yóò sì sọ ìdí rẹ̀. Èyí ní ohun tí ojú lè rí. Kí ẹ tó kọ ìran rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kọ ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan. Iṣu tútù kan, a gbẹ́ ihò sí i lórí, a da omi ṣúgà sínú ihò, a gbé e sínú àwo tó ní omi lásán. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí omi inú ihò? Èyí tó tọ́ ni pé yóò ga sí i, torí omi inú àwo ń gba ara iṣu wọlé. Ìdáhùn mẹ́ta yòókù, ẹ má kàn hun wọ́n jọ. Ẹ fi ohun tí àwọn ọmọ gbàgbọ́ gan-an ṣe wọ́n. Àwọn kan á ní kò ní yí padà, torí iṣu le, omi ò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn kan á ní yóò dínkù, torí ṣúgà ń jáde sínú àwo, ó sì ń fa omi dání. Èyí tó kẹ́yìn, àwọn tó mọ̀wé ló máa ń ṣì í: wọ́n á ní yóò dínkù, torí wọ́n ti há a sórí pé nǹkan máa ń ti ibi tó ki lọ síbi tí kò ki. Wọn ò béèrè pé kí ló ki. Ṣúgà ló ki nínú ihò. Ní ti omi, inú àwo ló ti pọ̀ jù.

Ibi tí ìbéèrè yóò dúró sí ṣe kókó: kí omi tó ga nínú àwòrán ni. Bí wọ́n bá ti rí i tó ga, kò sí ohun tí wọ́n ń rò mọ́. Àṣìṣe kọ̀ọ̀kan á wá ní ìran kúkúrú tirẹ̀, kò yẹ kó ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tó ń jẹ́ H5P, ó lè bá yín dá fídíò dúró, kó sì gbé ọmọ lọ síbi tí ìdáhùn rẹ̀ bá darí sí.

Ayàwòrán Alágbàká: Iṣẹ́ tí mò ń jẹ nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Fírémù 24 ló máa ń kọjá ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Bí ẹ bá tiẹ̀ lo àwòrán kan fún fírémù méjì, 12 nìyẹn. Ìrìn ọjà ìṣẹ́jú kan ṣoṣo jẹ́ àwòrán 720, kò sì sí èròǹgbà kankan nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni owó epo ọmọ yẹn lọ. Nínú ìran iṣu, àwo kò mira, iṣu kò mira, ìlà omi nìkan ló ń gòkè. Agbára tó kù, ẹ lò ó síbi tí ẹ ti sún mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì: omi ní èérún kékeré aláwọ̀ búlúù, ṣúgà ní èyí tó tóbi tí kò lè gba ojú ihò awọ náà.

Ẹ tún fi iṣu bíbọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún àfiwé. Omi inú tirẹ̀ kì í ga, torí iṣu bíbọ̀ ti mu omi yó.

Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì: Fífi iṣu bíbọ̀ ṣe àfiwé dára, ẹ ṣeun, àmọ́ ìdí yẹn kọ́. Iná ti ba awọ sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Omi ń wọlé, ó ń jáde bó ṣe wù ú, ṣúgà náà ń jáde, kò sí ohun tó ń dá a dúró mọ́. Ìdí nìyẹn tí omi inú ihò kò fi ga. Àǹtí, ẹ fi «ó ti mu omi yó» ṣe ọ̀kan nínú ìdáhùn tí kò tọ́ nínú kúìsì kejì, àwọn ọmọ pọ̀ tí yóò yàn án.

Nǹkan kan tún kù nípa èérún omi. Ẹ jẹ́ kó máa lọ kó máa bọ̀ gba awọ náà, kí èyí tó ń wọlé kàn pọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ. Bí ẹ bá ya gbogbo rẹ̀ sí ìhà kan, ohun tí wọn yóò gbà ni pé ṣúgà ń fa omi lọ́wọ́.

Ayàwòrán Alágbàká: Mo gbà. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa ló sọ èyí tí mo sọ yẹn o.

Ìyá Ìbejì Oǹdó: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n bó iṣu yẹn nínú kàtúùnù? Mo rántí pé olùkọ́ wa lé wa padà sílé lọ bó tiwa.

Àǹtí Ọbà-Ilé: Èèpo wà lára rẹ̀. Èèpo ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé iṣu ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á pè é ní ẹ̀gẹ́.

Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé gan-an. Èèpo iṣu kì í jẹ́ kí omi wọlé. Bí ọmọ bá lọ ṣe é ní lábù bó ṣe rí i nínú fídíò, omi kò ní ga, yóò sì gbà pé irọ́ ni wọ́n kọ́ òun. Ẹ fi èèpo sílẹ̀ lápá òkè kó lè jọ iṣu, ẹ bó gbogbo apá tó wà nínú omi.

Àǹtí Ọbà-Ilé: Mo ti gbọ́ ti èèpo. Ṣùgbọ́n mi ò lè lo H5P yẹn. Wọn kì í wò ó lórí fóònù. Inú gbọ̀ngàn ilé-ìwé ni, tẹlifíṣọ̀n kan ló wà níbẹ̀, fúláàṣì la fi ń gbé e. Kíláàsì mẹ́ta ló ń jókòó pọ̀, wọ́n ju ọgọ́rin lọ. Ìbéèrè á jáde, wọ́n á jọ pariwo ìdáhùn, fídíò á tẹ̀ síwájú.

Alágbára Alágbàká: Ẹ wá ń sọ ìyẹn lẹ́yìn gbogbo èyí! Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé gbogbo wọn yege?

Àǹtí Ọbà-Ilé: Ohùn wọn ṣọ̀kan. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ.

Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì: Ohùn àwọn mẹ́wàá tó jókòó níwájú lẹ gbọ́, àwọn yòókù gbè é lẹ́yìn. Ohun tí mo sọ nípa H5P ti yí padà, ti ìbéèrè kò yí.

Ẹ gé fídíò náà sí fáìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. 01.mp4 yóò parí síbi ìbéèrè, ìbéèrè àti ìdáhùn mẹ́rin á dúró sójú tẹlifíṣọ̀n, kò ní sí ohùn. Olùkọ́ ní kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n rò ó, kí kálukú wá fi ìka hàn ní àyà: ìka kan fún ìdáhùn kìíní, bẹ́ẹ̀ títí dé ìka mẹ́rin. Ní àyà ni o, kí ẹni tó wà lẹ́yìn má baà rí i. Olùkọ́ á sáré wò wọ́n. Bí àwọn tó gbà á bá pọ̀ púpọ̀, kó fi 02.mp4 sí i, níbi tí omi ti ga. Bó bá jẹ́ bí ìdajì, kó ní kí oníkálukú yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀ tí ìdáhùn wọn yàtọ̀, kí wọ́n jiyàn, kí wọ́n sì tún ìka nà. Eric Mazur, tó ń kọ́ni ní físíìsì ní Yunifásítì Harvard, ló sọ irú èyí di mímọ̀ káàkiri láti bí 1991. Bó bá jẹ́ pé díẹ̀ péré ló gbà á, àṣìṣe tó pọ̀ jù ni kó wò: 01a fún «iṣu le», 01b fún «ṣúgà ń jáde», 01d fún «ibi tó ki». Ẹ kọ èyí sí ojú ìwé kan ṣoṣo fún olùkọ́.

Ọmọ FUTA: Èdè wo ni ohùn rẹ̀? Gẹ̀ẹ́sì ni Wáẹ́kì yóò fi bi wọ́n.

Ìyá Ìbejì Oǹdó: Yorùbá ni kí ẹ fi ṣàlàyé o. Èdè tí wọn ò gbọ́ dáadáa ló há àbúrò mi.

Ọmọ FUTA: Wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á wá dé yàrá ìdánwò, ọ̀rọ̀ á ṣàjèjì. Mo ti rí i.

Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì: Èmi máa ń fi Yorùbá jiyàn rẹ̀, mo sì máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìdáhùn sójú pátákó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kò fara mọ́ ọn.

Àǹtí Ọbà-Ilé: Gẹ̀ẹ́sì la ti fi ká ohùn rẹ̀, mi ò sì lówó láti tún un ká. Ìbéèrè tuntun kò nílò ohùn, ìyẹn tù mí nínú. Ṣùgbọ́n mi ò ní yọ ọjà kúrò pátápátá. Sẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá, kí ọmọbìnrin náà yọ lójú ọ̀nà pẹ̀lú iṣu lọ́wọ́, ó tán. Àwọn ìran 01a, 01b àti 01d ńkọ́? Ta ni yóò sanwó wọn?

Ayàwòrán Alágbàká: Àwòrán awọ sẹ́ẹ̀lì kan náà lẹ máa lò fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èérún inú rẹ̀ nìkan ni yóò máa yàtọ̀. Ẹ ní kí ọmọ yẹn ya èérún sí lẹ́yà ọ̀tọ̀, kó má lẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ. Ẹ fi àtẹ àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún.

Alágbára Alágbàká: Kí ẹ sì fi ìwé àdéhùn rán an pọ̀ sí ẹni tó ni ilé-ìwé.

Àǹtí Ọbà-Ilé: Ẹ jẹ́ ká fi ti ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Bọ̀dá Ayàwòrán, ẹ ó rí i lálẹ́ òní bí iná bá dé.