Kí la máa kọ sábẹ́ fọ́tò ọmọbìnrin tó pé ọdún méjìdínlógún?

Bàbá Ṣọ́ọ̀bù, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀:
Ẹ̀yin ará ilé, òkun o. Ọmọ mi obìnrin máa pé ọdún méjìdínlógún ní Sátidé, mo fẹ́ gbé fọ́tò ẹ̀ sórí sítétọ́ọ̀sì, mo wá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí màá kọ sábẹ́ ẹ̀, tó máa fi hàn pé orí mi wú àmọ́ tí ò ní jẹ́ kójú tì í lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Èwo ló dáa jù nínú ọmọge, wúńdíá àti omidan? Àbí ká dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀?

Ọmọ Mọ̀pà:
Ìbéèrè tó dáa nìyí, ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn kan ń pe nǹkan yẹn ní àkọlé, èmi ò gbà, torí àkọlé orí ló ń wà, bíi orí ìwé tàbí orí ìròyìn. Èyí tó bá wà lábẹ́ fọ́tò, "àkọsábẹ́" ló yẹ ká máa pè é. Mo ti ń lò ó láti ìgbà tó ti pẹ́, ó dẹ̀ ń lọ dáadáa.

Tíṣà Àná, Ìsánlú:
Ọmọ Mọ̀pà, àkọsábẹ́ ò burú, kódà mo máa jí i lò, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni wọ́n bi wá. Bàbá ti mọ ibi tí wọ́n máa kọ ọ́ sí, ohun tí wọ́n máa kọ ni wọ́n ń wá.

Bàbá, ẹ yọ wúńdíá kúrò ná. Ọmọbìnrin tí ò tíì mọ ọkùnrin lọ̀rọ̀ yẹn, ẹ ò lè bọ́ ìtumọ̀ yẹn kúrò lára ẹ̀, tí bàbá bá wá kọ ọ́ sójú ayé, ó máa dà bíi pé ó ń jẹ́rìí sí ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi í, ọmọ náà á wá máa rò ó pé kí làwọn ọmọ kíláàsì òun ń sọ báyìí. Omidan ní tiẹ̀, iwájú orúkọ ló ń gbé, bí ìgbà tí wọ́n bá ń pe èèyàn níbi ayẹyẹ, "omidan mi" ò jọ ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá sọ́mọ. Ọmọge ló le jù láti dájọ́ fún. Ọ̀rọ̀ ẹwà àti oge ni, kò sí èébú nínú ẹ̀, àmọ́ òun náà làwọn ọkùnrin fi ń pe ọmọbìnrin tó ń kọjá lọ ní gáréèjì. Ẹ máa lò ó nínú ilé tẹ́ ẹ bá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò, irú ohùn tẹ́ ẹ bá fi bẹ̀rẹ̀ làwọn tó fẹ́ dá yín lóhùn máa gbà, ẹ ó dẹ̀ rí ọ̀rẹ́ yín kan tó máa kọ "ọmọge ti dé o" tó máa fi ojú tó ń ṣẹ́jú sí i.

"Ọmọ mi" ti tó. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ orúkọ gba gbogbo ọkàn yín, ọ̀rọ̀ ìṣe ló ń dójú ti ọmọ. "Ó ti bàlágà," ara ẹ̀ lẹ fi ń ṣe ìròyìn. "Ó ti gbó," "ó ti pọ́n," èso la ń sọ ìyẹn fún lọ́jà. Èyí tó ń tan àwọn òbí jẹ jù ni "ó ti tó," torí ó dà bí ẹni pé kò sọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń kà á kì í fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó máa parí ẹ̀ fúnra ẹ̀, ohun tó dẹ̀ máa fi parí ẹ̀ ni ọkọ.

Ìyá Ìbejì, Kàbà:
Èmi o, nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin pé méjìdínlógún, "géńdé mi" ni mo kọ, inú ẹ̀ dùn débi pé òun fúnra ẹ̀ tún gbé e sórí tiẹ̀. Mo wá ń rò ó báyìí pé kí ló dé tí ọkùnrin ní géńdé tí obìnrin ò ní nǹkan kan? Gbogbo èyí tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yìí, tí kì í bá ṣe ti ẹwà, ti ọkọ ni. Ọ̀dọ́mọbìnrin wà o, àmọ́ ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń pe àwọn èèyàn síta ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Aránṣọ Ìyàrà:
Ẹ jẹ́ ká dá a sílẹ̀ nígbà yẹn. Géńdébìnrin!

Tíṣà Àná, Ìsánlú:
Ìyá Ìbejì, òótọ́ ni, àlàfo wà níbẹ̀, mi ò lè sọ pé kò sí. Àmọ́ agbára ló wà nínú géńdé, àyà fífẹ̀ àti apá líle, tẹ́ ẹ bá so obìnrin mọ́ ọn, ẹni tó fẹ́ lọ ja ìjàkadì lẹ ṣe yẹn. Ọ̀rọ̀ tuntun a máa fẹ́ kí èèyàn gbọ́ ọ nígbà mélòó kan kó tó mọ ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́. Abẹ́ fọ́tò ọmọ tí ojú ń tètè tì kọ́ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú ẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ (ọdún mọ́kàndínlógún ni mí):
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kọ géńdébìnrin o, mo bẹ yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dójú tini gan-an, torí èmi ni mo sún mọ́ ọn jù níbí. Fọ́tò ìgbà tá a wà lọ́mọ ọwọ́ tí a ò wọ nǹkan kan. Máàkì Wáẹ́ẹ̀kì àti Jámúbù, bó bá tiẹ̀ dáa, torí ọ̀rẹ́ wa kan wà tí tiẹ̀ ò dáa tó bẹ́ẹ̀, òun náà máa kà á. Àti àdúrà "Ọlọ́run á fún ẹ lọ́kọ rere," ìyẹn ló burú jù, torí gbogbo ẹ̀gbọ́n màámi máa fi àmín tẹ̀lé e, á wá di ìpàdé ẹbí lórí ọkọ tí mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Agbẹjọ́rò, Lọ́kọ́ja:
Ẹ ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Lábẹ́ òfin, ẹni tí ò bá tíì pé ọdún 18 lọmọdé, ó wà nínú òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, ọdún 18 náà dẹ̀ ni ìwé òfin ilẹ̀ wa ní kéèyàn pé kó tó lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ẹni tí kì í ṣe ọmọdé mọ́, àgbàlagbà ni. Ẹ kọ "Ọmọ mi ti di àgbàlagbà," ó parí.

Tíṣà Àná, Ìsánlú:
Lọ́yà, òfin tẹ́ ẹ kà yẹn tọ̀nà, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi túmọ̀ ẹ̀ ni ò bá a mu. Nínú èdè wa, àgbàlagbà ni ẹni tọ́jọ́ orí ẹ̀ ti lọ. Ìgbà tí wọ́n bá dẹ̀ sọ fún ọ̀dọ́ pé "àgbàlagbà ni ẹ́ báyìí," ìbáwí ló sábà máa ń jẹ́, ó ti ṣe nǹkan tó ju ọwọ́ ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ ti fún wa ní nǹkan kan láìmọ̀. "Ọmọ mi ti tó dìbò." Ẹ rí i pé "tó" tá à ń sá fún lẹ́ẹ̀kan ti rí ohun tó máa dí i lẹ́nu, kò sẹ́ni tó tún máa ronú kan ọkọ níbẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:
Èyí dáa! Ó pa mí lẹ́rìn-ín, kò dẹ̀ dójú ti èèyàn.

Aránṣọ Ìyàrà:
Èmi ò fẹ́ ìdìbò nínú ọjọ́ ìbí o, kí wọ́n má lọ bi bàbá pé ẹgbẹ́ wo ni. Ẹ kàn kọ "Ẹ bá mi kí ọmọ mi lọ́jọ́ ìbí ẹ̀ kejìdínlógún, mo fi í yangàn."

Tíṣà Àná, Ìsánlú:
Ibì méjì ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn níbẹ̀. Yangàn máa ń fẹ́ ẹnì kan tí wọ́n ń yangàn sí, ẹni tó bá kà á tí ọmọ tiẹ̀ ò ṣe dáadáa á ní òun ni wọ́n ń bá wí, ọmọ yín ló dẹ̀ máa gbé ẹrù ẹ̀. Bàbá ti sọ èyí tó dáa jù nínú ìbéèrè wọn láìmọ̀, "orí mi wú." Orí tó wú, ti bàbá ni. Wọn ò sọ ohunkóhun nípa ara ọmọ.

Èkejì, "ọjọ́ ìbí kejìdínlógún" yẹn, Gẹ̀ẹ́sì ló wà nídìí ẹ̀. Bí àwa ṣe ń ka ọjọ́, a máa ń ka ti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ tá a sọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an lọjọ́ kìíní. Tá a bá fi ìyẹn ka ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ìbí kejìdínlógún máa bọ́ sígbà tó pé ọdún mẹ́tàdínlógún. "Ó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún" ni kò ní wàhálà.

Agbẹjọ́rò, Lọ́kọ́ja:
Tíṣà, ta ló ń ka ọjọ́ ìbí bẹ́ẹ̀ lóde òní? Gbogbo ayé ló ń sọ kejìdínlógún tó dẹ̀ ń yé wọn.

Tíṣà Àná, Ìsánlú:
Ó ń yé wọn, mo gbà. Etí mi ni ò gbà.

Ìyá Ìbejì, Kàbà:
Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ ṣọ́ra o. Ẹ kọ "ojo ibi" láìlámì, ẹni tó bá fẹ́ dápàárá á kà á sí ọjọ́ ibi, ọjọ́ aburú. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn, ẹ̀rín ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni rántí kí i mọ́. Tí kíbọ́ọ̀dù yín ò bá gbé àmì, ẹ má dárúkọ ọjọ́ ìbí rárá, ẹ kọ "òní lo pé."

Bàbá Ṣọ́ọ̀bù, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀:
Ẹ ṣeun gan-an. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni pé nígbà tí ìyá ẹ̀ wà lọ́sibítù, òun ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, òun ló ń kọ ẹni tó gba ọjà láwìn, kò sí kọ́bọ̀ kan tó sọnù. Mo wá kọ ọ́ báyìí:

"Ọmọ mi, òní lo pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Nígbà tí ìyá ẹ ń ṣàìsàn, o ò jẹ́ kí ìwé gbèsè ṣọ́ọ̀bù wa dàrú. Orí mi wú. O ti tó dìbò o!"

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:
Bàbá, ó dùn mọ́ mi, torí ohun tó ṣe lẹ sọ, ẹ ò sọ bó ṣe rí. Ẹ kàn yọ àìsàn màámi kúrò, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ sítétọ́ọ̀sì, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ pé kí ló ṣe ìyá ẹ̀.

Aránṣọ Ìyàrà:
Ẹ yọ gbèsè náà o! Ṣé kì í ṣe àwọn tó jẹ yín lówó náà ló ń wo sítétọ́ọ̀sì yín? Wọ́n á ní ẹ fi ọjọ́ orí ọmọ sin àwọn lówó. Ẹ kọ "ìwé ọjà."

Ọmọ Mọ̀pà:
Mo ṣì dúró lórí àkọsábẹ́ o, mo rí i pé ẹnikẹ́ni ò tíì ta kò ó.

Bàbá Ṣọ́ọ̀bù, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀:
Mo ti tún un ṣe: "Ọmọ mi, òní lo pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ìwé ọjà tó o tọ́jú fún wa, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Orí mi wú. O ti tó dìbò o!" Mo fi han òun fúnra ẹ̀ lálẹ́ àná. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dáa, fọ́tò lòun ò fẹ́, kí n lo èyí tó fi aṣọ òkè Ògìdì yà, kì í ṣe èyí tó wọ yunifọ́ọ̀mù.