Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọ́dà kíákíá fẹ́ da iṣẹ́ mi rú

Oníṣọ́ọ̀bù Obantoko
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Fọ́níṣọ̀ ni mo ń ṣe ní Obantoko, Abẹ́òkúta níbí. Àga ìjẹun 24 wà nílẹ̀ fún oníbàárà kan ní Òkè-Mosàn, Àbámẹ́ta yìí ni mo dá fún un. Bẹ́ẹ̀dì 4 tún wà, Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa wá gbé e. Àárọ̀ yìí, Ọjọ́ Ajé, ni ilé ìtura kan wá gbé àga 30 lé mi lórí. Wọ́n ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kò gbọ́dọ̀ kọjá, owó wọn sì dára. Àwọn kápẹ́ńtà mi ń kan àga 10 lóòjọ́. Ṣé kí n gba kápẹ́ńtà méjì sí i ni, àbí kí n ti iṣẹ́ Òkè-Mosàn sẹ́yìn ná?

Ọmọ Lafẹ́nwá
Gba ọ́dà náà jàre. Ẹ máa ṣiṣẹ́ di aago mẹ́wàá alẹ́, tan jẹnẹrétọ̀, ó parí.

Bàbá Lákà
Ọ̀gá, kí n tó sọ̀rọ̀: níbo ni iṣẹ́ máa ń to jọ sí ní ṣọ́ọ̀bù yín?

Oníṣọ́ọ̀bù Obantoko
Ẹnu ọ̀nà yàrá tí a ti ń fín lákà, sà. Àga 24 yẹn àti bẹ́ẹ̀dì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kàn tán, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Ọmọkùnrin kan ló ń fín in. Lásìkò òjò yìí, àga 8 ló lè parí lóòjọ́. Bẹ́ẹ̀dì kan máa ń gbà á ní ìdajì ọjọ́.

Ìyá Fọ́ọ̀mù
Ẹ má gbé ọ́dà kankan láìgba owó ìdajì o. Èmi tí mo ń tà fọ́ọ̀mù, ọ̀pọ̀ yín ló jẹ mí ní gbèsè nítorí oníbàárà tó sá lọ.

Bàbá Lákà
Màmá, ti owó kọ́ ló bi wá 😄.

Ọ̀gá, ẹ má gba kápẹ́ńtà kankan. Bí wọ́n bá kan àga 20 lóòjọ́, mẹ́jọ náà ni yóò jáde, èyí tó kù á wà nílẹ̀, eruku á bò ó. Yàrá lákà ni kí ẹ fi ka ọjọ́. Àga 24 jẹ́ ọjọ́ 3: òní títí dé Ọjọ́rú. Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, ẹ fín bẹ́ẹ̀dì. Àbámẹ́ta, ẹ bẹ̀rẹ̀ ti ilé ìtura: 8, 8, 8, 6, tí ẹ bá fo Ọjọ́ Àìkú, Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ parí. Ọjọ́bọ̀ á ṣófo, ẹ fi pamọ́ fún òjò. Ọjọ́ Ẹtì, ẹ parí fọ́ọ̀mù àti aṣọ. Àbámẹ́ta, ẹ gbé e lọ. Kò sí ẹni tí ẹ máa tì sẹ́yìn.

Ẹ má tíì fún kápẹ́ńtà ní ìwé iṣẹ́ ilé ìtura lónìí. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́rú, ọgbọ̀n àga á pé ní Ẹtì. Lónìí àti lọ́la, kí méjì nínú wọn lọ máa fi sánpépà ha sílà tó bá gbẹ, kí ọmọ náà máa fín nìkan. Ibẹ̀ lẹ ti lè rí àga kan tàbí méjì kún mẹ́jọ yẹn.

Ọmọ Lafẹ́nwá, òótọ́ ni pé wákàtí ló ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má fín lákà lálẹ́ òjò. Ọ̀rinrin á wọ inú rẹ̀, á funfun bí ẹni pé ẹ da pọ́dà sí i, ẹ ó sì tún un ṣe. Alẹ́ wà fún híha àti fọ́ọ̀mù.

Ọmọ Lafẹ́nwá
Wọ́n ń ta oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ tínà tí kì í jẹ́ kó funfun.

Bàbá Lákà
Ó wà. Ó sì máa ń jẹ́ kó pẹ́ gbẹ. Ibo lẹ máa to àga tí kò gbẹ sí?

Onílẹ̀kùn
Ti àwọ̀ ńkọ́? Ilẹ̀kùn ni mò ń ṣe. Bí mo bá ń bọ́ láti búráùn sí funfun, fífọ gọ́ọ̀nù nìkan máa ń jẹ wákàtí kan. Èmi á fín gbogbo búráùn tán kí n tó kan funfun.

Oníṣọ́ọ̀bù Obantoko
Bẹ́ẹ̀dì ló funfun, sà. Àga ilé ìtura pẹ̀lú ti Òkè-Mosàn, búráùn ni gbogbo wọn.

Bàbá Lákà
Òótọ́ lẹ sọ, Onílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n tó bá to búráùn pọ̀, ọjọ́ 7 ni, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa tó kan bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á sì wá gbé e ní Ọjọ́rú láìtíì ṣe tán. Ẹ jẹ́ ó fọ gọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì.

Onílẹ̀kùn
Tàbí kó bẹ olówó bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ méjì. Èmi á bẹ̀ ẹ́.

Oníṣọ́ọ̀bù Obantoko
Ẹ ṣé gan-an. Bí ẹlòmíràn bá tún gbé ọ́dà kíákíá wá lọ́la ńkọ́?

Bàbá Lákà
Títí dé Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Ọjọ́bọ̀ kan ṣoṣo ló ṣófo ní yàrá lákà, ọwọ́ òjò ló sì wà. Ẹ sọ fún un pé ó di ọ̀sẹ̀ kẹta.