Báwo ni kí n ṣe mú àpótí òfìfo nígbà tí mo bá ń sọ tábìlì òjò tó fẹ̀ di èyí tó gùn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní tábìlì òjò kan tí mo fi ẹ̀rọ yà láti inú ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́: ọdún kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, láti 1961 dé 1990, oṣù méjìlá tò lọ lókè, àpapọ̀ ọdún sì wà ní òpó tó kẹ́yìn. Kí n tó lè ya àwòrán atọ́ka, mo fẹ́ kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní ọdún kan, oṣù kan àti iye òjò kan péré, nítorí náà mo kọ èyí:

```python
gun = df.melt(id_vars="Odun", var_name="Osu", value_name="Ojo")
```

Ìlà 390 ló jáde dípò 360, nítorí pé òpó àpapọ̀ bá àwọn oṣù wọlé, àfi bí ẹni pé ọdún ní oṣù mẹ́tàlá. Mo yọ ọ́ sọ́tọ̀, mo sì ń fi í yẹ iṣẹ́ mi wò. Ní 1968, àwọn oṣù náà fi mìlímítà 100 dín sí àpapọ̀ tó wà nínú ìwé. Ìgbà tí mo padà wo ojú ìwé náà ni mo rí i pé 83 ni ẹ̀rọ ka 183 oṣù Keje sí.

Ibi tó ta kókó ni àwọn àpótí tí kò ní iye. "Tr" ni òjò tó kéré ju ohun tí a lè wọ̀n lọ, ṣùgbọ́n dáàṣì lè jẹ́ òdo, ó sì lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò wọ̀n ọ́n. Bí mo bá lo `errors="coerce"`, méjèèjì á di `NaN`. Bí àpapọ̀ bá bára mu nígbà tí mo ka dáàṣì sí òdo, ṣé ẹ̀rí yẹn tó, nígbà tí akọ̀wé ìgbà náà lè ti ro ìyókù pọ̀ láìka oṣù tó sọnù?