Ọkọ mi ò hanrun mọ́ lẹ́yìn oògùn oorun, mo rò pé ara rẹ̀ ti yá

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú alẹ́ o. Oògùn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ni mo ń bu omi tí ọkọ mi fi ń gbé e mì.

Ó ti ń hanrun kí n tó fẹ́ ẹ. Mo mọ bó ṣe máa ń lọ. Yóò hanrun títí, yóò dákẹ́ lójijì, yóò wá ta gìrì bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú omi, lẹ́yìn náà ìhanrun yóò tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó pé ọdún 52, tí ara rẹ̀ sì ti wúwo sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jí pẹ̀lú orí fífọ́, ó sì máa ń tòògbé lọ́sàn-án. Ó sọ fún dókítà pé òun kì í rí oorun sùn. Kò sọ ti ìhanrun, wọn ò sì bi í. Wọ́n ní kó máa lo dáyásípáàmù mílígíráàmù 5 lálaalẹ́.

Inú mi dùn ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, torí ilé parọ́rọ́. Ẹ̀yìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, wọ́n fún un ní tíràmádọ́ọ̀lù. Àwọn yẹn ò mọ̀ pé ó ti ń lo oògùn oorun.

Alẹ́ kejì tó pa méjèèjì pọ̀, ìdákẹ́jẹ́ ló jí mi ní nǹkan bí aago méjì òru. Àyà àti ikùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó ń fa èémí, àmọ́ nígbà tí mo gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sí imú rẹ̀, afẹ́fẹ́ kankan ò kan mi lọ́wọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Láyé ìhanrun rẹ̀ àtijọ́, mi ò ní kà kọjá 15 kó tó ta gìrì. Lóru ọjọ́ yẹn, mo kà dé 50. Ètè rẹ̀ ti ń ṣú. Mo gbá a léjìká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo yí i sí ẹ̀gbẹ́ kó tó mí, nígbà tó sì lajú, kò mọ ibi tó wà.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ há a níka. Bó bá lajú, ó ń kà 94. Bó bá ti sùn, ó ń já wálẹ̀ sí 71. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, báwo ni oògùn tó fi ẹni tó ní kò rí oorun sùn lọ́kàn balẹ̀ ṣe fẹ́ pa á?

Bàbá Kúnlé

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Tíràmádọ́ọ̀lù yẹn ló fa gbogbo rẹ̀. Oògùn ìrora tó lágbára ló máa ń dá èémí dúró. Èmi ti lo dáyásípáàmù fún ọdún méjì, mo sì ń hanrun, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ká ní ìyẹn nìkan ló ń lò ni, kò bá ti séwu.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Bàbá wa, òótọ́ ni ti tíràmádọ́ọ̀lù, àmọ́ ẹ má dá dáyásípáàmù láre. Yàrá tí wọ́n ń gbé àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún sí ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ti rí i lójú ara mi.

Kò sí egungun tó ká ọ̀fun lẹ́yìn ahọ́n mọ́ kó má lè pa dé. Iṣan ló ń fà á ṣí, pàápàá iṣan ahọ́n. Bí a bá sùn, àwọn iṣan yìí máa ń dẹ̀. Lára ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ há tẹ́lẹ̀, yóò kọ́kọ́ gbọ̀n, ìyẹn ni ìhanrun, lẹ́yìn náà yóò pa dé pátápátá. Ohun tó ń gbà á ni ọpọlọ, tó máa ń mọ̀ pé ọ́síjìn ń lọ sílẹ̀, tí yóò sì ta á jí díẹ̀ kí iṣan lè fà á ṣí. Títa gìrì tí Ìyá Ìbejì ń rí nìyẹn. Òun náà ni kì í jẹ́ kí oorun ọkọ wọn jinlẹ̀, tó fi ń sọ pé òun ò sùn.

Dáyásípáàmù lè mú kí iṣan yẹn dẹ̀ sí i, ó sì lè mú kí ọpọlọ pẹ́ kó tó ta á jí. Bí ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 15 ṣe di 50 nìyẹn. Ara kì í sì tètè lé e tán. Ti òní máa ń bá ti àná nínú ara. Tíràmádọ́ọ̀lù wá fi kún un, ó ń mú kí ọpọlọ má fi taratara wá èémí. Ní 2016, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà pàṣẹ kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù lọ sára irú oògùn méjèèjì yìí nípa lílo wọn pa pọ̀.

Ní ti ọdún méjì tiyín, Bàbá, ta ló ń kà á fún yín lóru?

Bàbá Kúnlé

Kò sí ẹni tó ń kà á. Èmi nìkan ni mo ń dá sùn.

Màmá Tèmi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ọmọ mi ọdún mẹ́fà náà ń hanrun, ẹran ọ̀fun rẹ̀ sì tóbi. Oògùn ikọ́ tó ní kodíìnì wà nílé, mo sì ti fún un lẹ́ẹ̀mejì kó lè sùn. Ṣé ìyẹn náà wà lára rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ó wà lára rẹ̀, ìyá. Ẹ má fún un mọ́. Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ kodíìnì di mọ́fíìnì, oògùn ìrora líle tó ń dín èémí kù, àwọn ọmọ kan sì wà tí ẹ̀dọ̀ wọn ń ṣe é kíákíá ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 2017, àjọ yẹn kan náà sọ pé kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ní kodíìnì rárá. Ẹ gbé e lọ bá dókítà ọ̀fun, kí ẹ sì sọ ti ìhanrun fún wọn kí wọ́n tó bi yín.

Akọ̀wé

Èmi ò ní gbà pé gbogbo oògùn oorun ló burú. Mo ní àìsàn kí èémí máa dúró lójú oorun yìí, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú ni mo fi ń sùn, dókítà mi sì ń fún mi ní soopikílóònù. Oorun mi dára sí i.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Mi ò ní bá yín jiyàn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé títètè jí gan-an ni wàhálà wọn, àwọn dókítà kò sì tíì fẹnu kò lórí ẹni tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ bá mu. Àmọ́ wọ́n ti yẹ̀ yín wò lójú oorun, ẹ̀rọ sì ń mú kí ọ̀nà ọ̀fun yín wà ní ṣíṣí. Ọkọ Ìyá Ìbejì ò ní ìkankan nínú méjèèjì.

Ohun kan tó ń tan àwa òṣìṣẹ́ gan-an jẹ ni ọ́síjìn. Bí wọ́n bá ti fi í sí ẹni tó ń hanrun nímú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rọ ìka lè máa ka 96 nígbà tí èémí rẹ̀ ti ń kùnà. Àyà rẹ̀ la máa ń wò, a sì máa ń ka iye ìgbà tó ń mí láàárín ìṣẹ́jú kan. A máa ń gbé orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sókè, a máa ń yí i sí ẹ̀gbẹ́, parasítámọ̀ọ̀lù la sì máa ń kọ́kọ́ fún un fún ìrora.

Bàbá Kúnlé, ẹ má tìtorí ọ̀rọ̀ mi dá a dúró lálẹ́ òní o. Ẹni tó ti lò ó fún ọdún méjì tó bá jáwọ́ lójijì lè ní gìrì. Dókítà ni kó máa dín in kù fún yín díẹ̀díẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lójú oorun. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélógójì ni èémí rẹ̀ ń dúró tàbí kó dín kù láàárín wákàtí kan, láìlo oògùn kankan. Ó ti ní ẹ̀rọ atẹ́gùn báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀fìnkìn mú un, ó fẹ́ lo oògùn ọ̀fìnkìn kan. Mo ka ara páálí, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń kunni lóorun. Mo dá a padà fún apòògùn, ó sì fún wa ní òmíràn.

Àmọ́ ó ṣì máa ń bọ́ ìbòmú ẹ̀rọ náà sílẹ̀ bó bá di aago mẹ́rin, ó ní ó ń gbẹ òun lẹ́nu. Mo ṣì máa ń jí láti gbé e padà sí i lójú.