Àdírẹ́sì àtijọ́ ni ẹrù mi ń lọ, ìkànnì wọn sì jẹ́ èdè Ṣáínà látòkè délẹ̀

Ìyá Síìpù, Kúbwà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Síìpù àti bọ́tìnì ni mo rà ní Ṣáínà, páálí méjì. Ajẹ́ńtì tó máa kó o wá sí Àbújá ti ṣí kúrò ní 白云区 lọ sí 花都区, ní Guangzhou níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì àtijọ́ ni mo fún ẹni tó ta á. Àná ló gbé e jáde. Ìkànnì àwọn tó ń gbé e kò ní èdè kankan àfi tiwọn. Báwo ni mo ṣe máa rí ibi tí ẹrù dé, báwo ni mo sì ṣe máa tún àdírẹ́sì ṣe? Ọ̀nà wo lẹ bá mi mọ̀?

Ọmọ Dísípáàṣì, Lúgbè
Mọ̀mí, ẹ pe ọmọ tó gbé e lọ́kadà. Èmi náà ń ṣe iṣẹ́ yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ẹnì kan kọ Gwarínpà sára ẹrù, tó jẹ́ pé Nyànyá ló ń gbé. Ó pè mí, mo yà, ó fún mi ní owó epo. Ọ̀rọ̀ tìfẹ́tìfẹ́ ni.

Ìyá Síìpù, Kúbwà
Ọmọ mi, ẹrù náà kò tíì dé Nàìjíríà o. Ṣáínà ló ṣì wà.

Bàbá Fóònù, Wúsè
Kò le. Ẹ fi Chrome ṣí ìkànnì náà, ẹ tẹ tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ tẹ Translate. Gbogbo rẹ̀ á di Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà, ẹ padà síbi tí ẹ ti rà á, ẹ yí àdírẹ́sì padà nínú àkáǹtì yín. Bí wọ́n bá béèrè fóònù, ẹ fi tiyín sí i, nọ́ńbà mọ́kànlá ni tiwọn náà.

Ọmọ Ìlọrin ní Kánò
Bàbá, ẹ má bínú, ìdajì ni mo lè gbà níbẹ̀. Èmi náà ti gbà pé àkáǹtì ni màá tún ṣe rí, ọjà yẹn sì lọ síbi tó ń lọ. Àdírẹ́sì inú àkáǹtì, ọjà tí a máa rà lọ́la ló wà fún. Ẹrù tó ti jáde, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ti fóònù náà, òótọ́ ni pé mọ́kànlá ni, ṣùgbọ́n 1 ló ń bẹ̀rẹ̀ tiwọn, 0 ló ń bẹ̀rẹ̀ tiwa. Bí ẹ bá tẹ 080 síbẹ̀, ohun tí ẹ máa rí ni pé nọ́ńbà náà kò tọ̀nà.

Ìyá wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tó dé. Ẹ lẹ nọ́ńbà ẹrù mọ́ inú àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 查询, kí ẹ tẹ 查询 yẹn. Àwòrán kan lè yọ tí ihò wà nínú rẹ̀, ẹ fi ìka wọ́ ègé rẹ̀ lọ sápá ọ̀tún títí tó fi bọ́ sínú ihò. Bí ó bá tún béèrè 手机号后四位, nọ́ńbà mẹ́rin tó parí fóònù ló ń wá, àmọ́ kì í ṣe fóònù tiyín o. Fóònù tó wà lára bébà ni, ìyẹn ti ilé ẹrù ajẹ́ńtì tàbí ti ẹni tó ta ọjà. Chrome ń túmọ̀ ọ̀rọ̀, kì í túmọ̀ bọ́tìnì tó jẹ́ àwòrán, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí àwọn kan bá dúró bí wọ́n ṣe wà. Ẹ fi kámẹ́rà ìtumọ̀ lórí fóònù mìíràn wo ìyẹn.

Ìlà tó wà lókè pátápátá ni ìròyìn tuntun. Mi ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n àmì méjì ni mo fi ń rí i kà. 已 ni “ti” tiwa, 中 ni “ń” tiwa. 已揽收: wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ ẹni tó tà á. 运输中: ó ń rìn lójú ọ̀nà. 派送中: ẹni tó máa fi lé ilé ẹrù lọ́wọ́ ń gbé e lọ báyìí. 已签收: ẹnì kan ti gbà á, ó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìtumọ̀ ẹ̀rọ lè da méjì tó kẹ́yìn yìí pọ̀ mọ́ra, ẹ wo àmì fúnra yín.

Ìyá Síìpù, Kúbwà
Áà! Láti àárọ̀ ni mo ti ń tẹ mẹ́rin tó parí fóònù tèmi. Mo ti fi ti ajẹ́ńtì sí i, ó ṣí. 运输中 ló wà. Mo tún rí bọ́tìnì 修改地址 tí wọ́n fi ń yí àdírẹ́sì padà, mo tẹ̀ ẹ́, ó ní òun máa fi kóòdù ránṣẹ́, n kò rí kóòdù kankan gbà.

Ọmọ Ìlọrin ní Kánò
Ẹ kò ní rí i gbà. Fóònù ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ ni kóòdù ń lọ, nítorí òun ló ṣe bébà náà. Ẹ fi bọ́tìnì yẹn sílẹ̀, òun ni kí ó bá wọn sọ ọ́. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i:

```
请帮我联系快递改地址。
单号：
新地址：
收件人和电话：
```

Ohun tó ń sọ ni pé kí ó bá yín kàn sí àwọn agbẹ́rù kí wọ́n yí àdírẹ́sì. Ìlà kejì, ẹ lẹ nọ́ńbà ẹrù. Ìlà kẹta, àdírẹ́sì tuntun gẹ́gẹ́ bí ajẹ́ńtì ṣe kọ ọ́ ní èdè Ṣáínà, ẹ má fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Ìlà kẹrin ni orúkọ àti fóònù ilé ẹrù tuntun, kí kóòdù oníbàárà yín sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà. Bí kóòdù yẹn kò bá sí níbẹ̀, ẹrù á dé 花都区, wọn ò sì ní mọ̀ pé tiyín ni.

Ẹ ránṣẹ́ ṣáájú kí ẹ tó sùn. Wákàtí méje ni wọ́n fi ṣáájú wa. Aago mẹ́wàá àárọ̀ níbí, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni níbẹ̀, wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́. Kó tó di 派送中 ló rọrùn jù.

Àlàbí Kàdúná
Èmi ò ṣe wàhálà kankan nígbà tèmi. Ẹrù dé ilé àtijọ́, ọmọ ajẹ́ńtì lọ gbé e níbẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin ní Kánò
Ẹnì kan ṣì wà níbẹ̀ nìyẹn. Bí ilé bá ti ṣófo, 退回 lẹ máa rí: wọ́n ti dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ bi ajẹ́ńtì léèrè kí ẹ tó tẹ̀ lé ti Àlàbí.

Ìyá Síìpù, Kúbwà
Mo bi í, ó ní wọ́n ti kó kọ́kọ́rọ́ ilé náà sílẹ̀. Ẹni tó ta ọjà ní owó díẹ̀ máa wọ̀ ọ́. Ajẹ́ńtì ní òun kò ní san, pé òun kéde ìṣílọ náà lórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp. Ṣé sítátọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń kéde irú nǹkan báyìí?

Bàbá Fóònù, Wúsè
Ó jẹ̀bi. Ó yẹ kó pè yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àlàbí Kàdúná
Kò jẹ̀bi jàre. Oníbàárà mélòó ló fẹ́ pè tán?

Ìyá Síìpù, Kúbwà
Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ẹni tó ta ọjà dáhùn, 好的 nìkan ló kọ. Ìlà òkè kò tíì yí padà.

Ọmọ Ìlọrin ní Kánò
“Ó dáa” nìyẹn, kì í ṣe “mo ti ṣe é”. Ẹ ní kó ya ojú fóònù rẹ̀ síbi tí àdírẹ́sì tuntun ti hàn, kó fi ránṣẹ́.

Ìyá Síìpù, Kúbwà
Aago kan òru nìyí, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ọ̀dọ̀ wọn. Mo ti ránṣẹ́, mo jókòó tì í.