Alẹ́ẹ̀tì tí kò ní owó nínú: ẹ sọ ìrírí tiyín

Aládìrẹ Ìtòkú

Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ará. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá ní Ìtòkú, a pe obìnrin kan tí ó ti ṣiṣẹ́ báńkì rí láti wá bá wa sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè máa tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìfi ẹrù wa ṣòfò. Mo rò pé ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń ya àwòrán aṣọ ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ́kọ́ bi wá ni pé ta ni ó ti gbé ẹrù fún oníbàárà rí lórí alẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣe òótọ́. Mo nawọ́, èmi nìkan kọ́ sì ni mo nà án. Mo fẹ́ sọ tèmi níbí, kí ẹ̀yin náà lè sọ tiyín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, ẹnìkan rí àwòrán kàm̀pálà mi lórí Wáàsáàpù, ó ní Èkó ni òun wà, òun sì fẹ́ ìdì 12, yáàdì márùn-ún márùn-ún, ní ₦9,000 ìdì kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦108,000. Kò ná mi rárá, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó ń ra ìdì méjìlá lẹ́ẹ̀kan kì í ṣàìnájà ní Ìtòkú. Nígbà tí ó di nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó ní dírẹ́bà òun ti dé, ó sì ń kánjú kí ilẹ̀ má baà ṣú bá a lọ́nà. Fóònù mi dún, alẹ́ẹ̀tì wọlé, orúkọ báńkì mi wà lókè rẹ̀, àárín àwọn alẹ́ẹ̀tì mi àtijọ́ ni ó sì bọ́ sí. Mo di ẹrù, mo fi lé dírẹ́bà lọ́wọ́. Ọjọ́ Ajé, tí mo fẹ́ sanwó fún àwọn aláró mi, ni mo tó rí i pé ₦41,350 tí ó wà nínú àkáǹtì mi kí ó tó ra ọjà náà ni ó ṣì wà níbẹ̀.

Mo fi alẹ́ẹ̀tì náà han olùbánisọ̀rọ̀ wa. Kò wo orúkọ báńkì, ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó wò, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ₦112,600 ni ó kù nínú àkáǹtì mi. Ó ní kí n ro ó: bí ₦108,000 bá bá ₦41,350, ₦149,350 ni ó yẹ kí ó jẹ́. Ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ kò mọ ohun tí mo ní nílé, ó kàn méfò ni. Ṣùgbọ́n ó tún kìlọ̀ pé àwọn mìíràn kì í kọ ìlà yẹn rárá, àti pé ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà rẹ̀ lè fi orúkọ báńkì sórí ọ̀rọ̀ tí ó fi ránṣẹ́, kí ó sì bọ́ sáàárín ti tòótọ́. Nítorí náà, alẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rí ni iye tí ẹ fúnra yín rí nínú áàpù báńkì yín, tàbí èyí tí ẹ tẹ kóòdù báńkì yín lórí fóònù láti mọ̀. Kóòdù yẹn kò béèrè dátà, ₦6.98 ni wọ́n ń yọ nínú káàdì ìpè. Ó ní kí á kọ iye tó wà nílẹ̀ sórí ìwé kí á tó fún oníbàárà ní nọ́ńbà àkáǹtì, kí ẹrù má sì kúrò ní ìṣọ̀ títí iye náà yóò fi lé ní iye owó ọjà gan-an.

Ọmọ Kútọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ fún àdánù yẹn o, mọ̀mí. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo máa ń ní kí oníbàárà fi risíìtì tí Session ID wà lára rẹ̀ ránṣẹ́. Nọ́ńbà gígùn tí a fi ń dá owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ mọ̀ ni, díjíìtì 30 ni ó ní. Bí ẹ bá ka mẹ́fà àkọ́kọ́ kúrò, ọdún, oṣù àti ọjọ́ tí wọ́n fi owó ránṣẹ́ ni mẹ́fà tí ó tẹ̀lé e, wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá sì tẹ̀lé ìyẹn. Bí ó bá ti bá ọjọ́ òní mu, èmi a gbé ẹrù sílẹ̀.

Oní-píọ́ọ̀sì Pánṣẹ́kẹ́

Àbúrò mi, òótọ́ ni o sọ nípa bí nọ́ńbà náà ṣe rí, ṣùgbọ́n má gbé ẹrù sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ohun tí o mọ̀ yìí lè ṣe 30 tirẹ̀ kí ó sì tẹ ọjọ́ òní sínú rẹ̀. Èyí tí ó tún le jù ni pé risíìtì lè jẹ́ òótọ́ kí owó má dé. Mo ti rí i léraléra ní ṣọ́ọ̀bù mi: báńkì yóò yọ owó lọ́wọ́ ẹni tí ó fi ránṣẹ́, kò ní wọlé sọ́wọ́ ẹni tí ó yẹ, nígbà tí ó bá yá wọ́n á dá a padà fún ẹni àkọ́kọ́. Bí o bá ti gbé ẹrù sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni owó àti ọjà wà. Session ID wúlò nígbà tí owó bá pẹ́: ìwọ yóò gbé e lọ bá báńkì rẹ, àwọn ni yóò wò ó bóyá ó wà lọ́dọ̀ wọn. Ìgbà tí a kò bá rí i, kí dírẹ́bà jókòó dúró.

Ìyá Ìbejì, Làfẹ́ńwá

Tèmi náà rèé lórí ọ̀rọ̀ kóòdù tí ẹ ń sọ. Oníbàárà kan ní kí n ka nọ́ńbà mẹ́fà tí ó wọlé sórí fóònù mi fún òun, pé ìyẹn ni yóò jẹ́ kí owó òun wọlé. Mo kà á. Kí n tó se àmàlà tán, Wáàsáàpù mi ti lọ. Ó ń fi orúkọ mi tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà mi.

Oní-píọ́ọ̀sì Pánṣẹ́kẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Kóòdù tiyín yàtọ̀ sí ti báńkì. Ti Wáàsáàpù ni, owó ọjà kankan kò nílò rẹ̀. Ẹ tún fi nọ́ńbà yín forúkọ sílẹ̀ lórí Wáàsáàpù, kóòdù tuntun yóò wá sórí síìmù yín, ìyẹn yóò sì lé e jáde. Bí ó bá ti fi PIN tirẹ̀ sí i, ẹ óò dúró fún ọjọ́ méje kí ẹ tó lè wọlé láìsí PIN náà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Settings, Account, Two-step verification, kí ẹ fi PIN tiyín sí i.

Aláṣọ-òkè Ìjẹmọ̀

Èmi ṣe gbogbo ohun tí ẹ sọ yìí. Mo wo áàpù, ₦64,000 wọlé pérépéré, kí n tó fi ẹrù rán ọlọ́kadà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, báńkì fi owó náà sáhàámọ́, wọ́n ní ẹnìkan ti fi ẹjọ́ sùn pé wọ́n jí owó náà kúrò nínú àkáǹtì òun. Ọlọ́jà kọ́ ni olè, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ni owó náà dúró sí. Ǹjẹ́ olùbánisọ̀rọ̀ yín sọ ohun kankan lórí irú èyí?

Aládìrẹ Ìtòkú

Ẹnìkan bi í. Ó ní kò sí ọ̀nà tí ọlọ́jà fi lè mọ̀ ọ́n ṣáájú, ju pé kí á wò ó bóyá orúkọ ẹni tí owó ti wá bá ti ẹni tí ń bá wa sọ̀rọ̀ mu, kí á sì kọ̀ ọ́ bí kò bá mu. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wa jiyàn pé ọkọ máa ń sanwó fún ìyàwó, ọ̀rẹ́ a sì máa sanwó fún ọ̀rẹ́, pé bí a bá ń kọ irú rẹ̀, a ó lé ìdajì oníbàárà lọ. A kò fi ẹnu kò lórí rẹ̀. Ṣé orúkọ bá ara wọn mu ní tiyín?

Aláṣọ-òkè Ìjẹmọ̀

Rárá. Obìnrin ni ó bá mi sọ̀rọ̀, orúkọ ọkùnrin ni ó wà lára owó náà, mo rò pé ọkọ rẹ̀ ni. Mo ti tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lórí Wáàsáàpù sórí ìwé, ọlọ́kadà náà sì ti gbà láti bá mi lọ sí báńkì ní ọjọ́ Ajé láti sọ ibi tí ó gbé ẹrù náà dé.